Ìdí tí ìdánwò ẹnì kan fi parí ní ìbéèrè 85, tí ti ẹnì kejì sì fi dé 150

Àwọn méjì jókòó ṣe ìdánwò NCLEX-RN ní ọjọ́ kan náà. Ìdánwò ẹni àkọ́kọ́ parí lẹ́yìn ìbéèrè 85, èyí tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà. Ti ẹnì kejì ń bá a lọ títí ó fi dé 150, tí kò tún sí ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìrètí, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni kọ̀ǹpútà máa ń tètè dá sílẹ̀. Ẹnì kejì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé òun ti kùnà. Nígbà tí èsì dé, ẹni tí ó ṣe 85 ni ó kùnà, ẹni tí ó ṣe 150 ni ó yege.

Èmi ni mo to àwọn nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti olùṣèdánwò méjèèjì yìí, kí ìṣírò wọn lè ṣeé tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin tí ìdánwò náà ń tẹ̀lé kì í ṣe àtọwọ́dá, irú àbájáde yìí sì lè ṣẹlẹ̀ nígbàkúgbà láìsí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀rọ.

NCLEX-RN ni ìdánwò tí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Àjọ NCSBN ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń yan ìbéèrè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọdún 1994. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wákàtí márùn-ún ni àkókò rẹ̀, ìbéèrè kò gbọdọ̀ dín ní 85, kò sì gbọdọ̀ ju 150 lọ. Ìbéèrè 15 nínú rẹ̀ kò ní máàkì rárá: ìbéèrè tuntun ni wọ́n, tí àjọ náà ń dán wò lára àwọn olùṣèdánwò kí wọ́n tó lè lò wọ́n lọ́jọ́ iwájú, kò sì sí àmì kankan tí ó fi wọ́n hàn yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe 85, ìbéèrè 70 ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó ṣe 150, 135 ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé ìdánwò yìí kò ka iye ìbéèrè tí ènìyàn gbà. Ó ní òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ó fi ń wọn ìmọ̀ olùṣèdánwò àti líle ìbéèrè pọ̀, tí a ń pe ìwọ̀n rẹ̀ ní lọ́jìtì. Onímọ̀ ìṣirò ará Dẹ́ńmáàkì, Georg Rasch, ni ó gbé ìlànà tí ó wà nídìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Bí a bá pe ìmọ̀ olùṣèdánwò ní θ, tí a sì pe líle ìbéèrè ní b, bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé yóò gba ìbéèrè náà ni:

```
P = 1 / (1 + e^-(θ - b))
```

Bí ìmọ̀ àti líle bá dọ́gba, P yóò jẹ́ 0.5, ìyẹn ni pé ó lè gbà á, ó sì lè ṣì í, láìsí pé ọ̀kan súnmọ́ ju èkejì lọ. Bí ìmọ̀ bá fi lọ́jìtì 1 ju líle lọ, P yóò di nǹkan bí 0.73; bí ó bá fi 2 jù ú lọ, yóò di 0.88. Orí òṣùwọ̀n kan náà yìí ni ìlà àṣeyege wà. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti fi í sí 0.00 fún NCLEX-RN, -0.16 ni kí ó tó dìgbà náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń wá ìdáhùn sí ní gbogbo àkókò ìdánwò: ṣé òkè ìlà yìí ni ẹni yìí wà ni, tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Báwo ni ó ṣe wá ń yan ìbéèrè tí ó kàn? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè fò ga tó kì í fi ọ̀pá sí ibi orúnkún rẹ̀, kì í sì í gbé e sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé, nítorí a ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ibi méjèèjì kí ó tó fò. Ìbéèrè tí a kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ bóyá yóò gbà á ni ó ń kọ́ wa ní nǹkan jù lọ. A tilẹ̀ lè fi nọ́ńbà sọ ọ́: ohun tí ìbéèrè kan lè sọ fún wa nípa olùṣèdánwò jẹ́ P lọ́nà (1 - P). Níbi tí P ti jẹ́ 0.5, èyí jẹ́ 0.25, kò sì lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìbéèrè bá rọ̀ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ tàbí tí ó le jù ú lọ ní lọ́jìtì 1, yóò di nǹkan bí 0.197. Bí ó bá jẹ́ lọ́jìtì 2, yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.105. Ohun tí ìbéèrè 70 tí a yàn dáadáa lè sọ, ìbéèrè 89 ni yóò gbà bí gbogbo wọn bá fi lọ́jìtì 1 jìnnà sí olùṣèdánwò, yóò sì gbà ju 160 lọ bí ó bá jẹ́ lọ́jìtì 2. Ìdí rèé tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ìbéèrè tí líle rẹ̀ bá súnmọ́ ibi tí ó rò pé olùṣèdánwò wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ẹnì kejì dáhùn. Kọ̀ǹpútà kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí náà mo jẹ́ kí ìṣírò mi bẹ̀rẹ̀ láti 0, pẹ̀lú èrò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jìnnà ju lọ́jìtì kan tàbí méjì lọ síbẹ̀. Ìbéèrè kìíní rọ̀ díẹ̀, líle rẹ̀ jẹ́ -0.5. Ó gbà á, ìfojúdíwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀ sì gòkè sí 0.31. Kọ̀ǹpútà wá ìbéèrè tí ó wà ní 0.3, ó tún gbà á, ìfojúdíwọ̀n sì di 0.65. Ó fún un ní èyí tí ó wà ní 0.65, ó ṣì í, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí 0.36. Èyí tí ó tẹ̀lé e wà ní 0.35, ó tún ṣì í, ó sì balẹ̀ sí 0.10.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí níbẹ̀. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà kò kàn ń fi ìbéèrè líle san ẹ̀san fún ìdáhùn tí ó tọ́, kí ó sì fi èyí tí ó rọ̀ dáhùn sí àṣìṣe, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ ọ́. Gbogbo ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń tún ṣírò lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkúgbà, pẹ̀lú líle ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni bí ìṣísẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn kan lè gbé e lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní nǹkan bí 0.3. Nígbà tí ó bá fi máa dé bí ìbéèrè 60, ìdáhùn kan kò lè ṣí i nípò ju nǹkan bí 0.03 lọ, nítorí ẹ̀rí tí ó ti wà nílẹ̀ ti wúwo. Àṣìṣe ìbéèrè kejì kì í ba ìdánwò jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú kí ìbéèrè bíi mélòó kan tí ó tẹ̀lé e rọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ, títí ìṣírò yóò fi padà sí ipò rẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé líle nìkan ni kọ̀ǹpútà ń wò, olùṣèdánwò tí ó gbọ́n lè máa ka ipò ara rẹ̀ láti inú ìbéèrè tí ó ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìdánwò náà ti pín iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì sọ ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó: nínú ìlànà 2023, àkóso ìtọ́jú ní ìdá 15 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ oògùn àti ìtọ́jú tí ó jọ mọ́ ọn ní 13 sí 19. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wo ẹ̀ka tí ìbéèrè ṣì kù sí kí ó tó wá èyí tí líle rẹ̀ bá mu nínú ẹ̀ka náà. Ẹni tí ó ń bójú tó irú ìdánwò báyìí kò tún ní fẹ́ kí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó dára jù lọ máa jáde fún gbogbo ènìyàn, nítorí kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun tí wọ́n ń há sórí. Ọ̀nà tí a sábà ń gbà dènà rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà kó àwọn ìbéèrè bíi mélòó kan tí wọ́n súnmọ́ ibi tí ó ń wá jọ, kí ó sì mú ọ̀kan nínú wọn láìṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìbéèrè 15 tí kò ní máàkì, tí líle wọn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bí olùṣèdánwò ṣe ń ṣe sí. Lẹ́yìn wọn ni ìtàn aláìsàn mẹ́ta tí ó wà nínú ìdánwò gbogbo ènìyàn láti 2023, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́fà tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn: bí ènìyàn bá ti wọ inú ìtàn kan, ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yóò rí, ohun yòówù kí ó fi dáhùn èyí àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá rí ìbéèrè tí ó rọ̀ gan-an ní àárín ìdánwò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pé òun ti ń kùnà, lè jẹ́ ìbéèrè tí kò ní máàkì ni ó ń wò. Ní tèmi, kò sí ohun tí ó ń ba ìdánwò yìí jẹ́ fún àwọn tí wọ́n múra sílẹ̀ dáadáa bíi kí wọ́n máa ṣọ́ líle ìbéèrè dípò kí wọ́n máa dáhùn rẹ̀.

Ó kù kí á mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń dá ìdánwò dúró, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín 85 àti 150 ti wá. Ìfojúdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àìdánilójú tirẹ̀. A lè rí i bí a bá kó ohun tí gbogbo ìbéèrè ti sọ fún wa jọ, tí a wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì àpapọ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí yóò fún wa ní àpapọ̀ náà bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì fi gbòǹgbò náà pín 1. Bí ìbéèrè 70 bá mú 0.25 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 17.5, ìwọ̀n àìdánilójú sì jẹ́ nǹkan bí 0.24. Mo ṣe ìṣírò yìí bí ẹni pé gbogbo ìbéèrè bá olùṣèdánwò mu pátápátá. Àwọn kan kò ní bá a mu tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tí wọ́n ń fún ènìyàn ní apá kan nínú máàkì sì lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà nọ́ńbà gidi yóò yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí.

Òfin àkọ́kọ́ sọ pé nígbà tí olùṣèdánwò bá ti dé ìbéèrè tí ó kéré jù lọ, kọ̀ǹpútà yóò dá a dúró bí ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún bá wà pé òkè ìlà ni ó wà, tàbí pé ìsàlẹ̀ ni. Láti ní ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ní apá kan, ìfojúdíwọ̀n gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlà ní nǹkan bí ìlọ́po 1.65 ìwọ̀n àìdánilójú. Ní ìbéèrè 70 tí ó ní máàkì, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 0.39.

Ẹni àkọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìfojúdíwọ̀n -0.52. Bí a bá fi 0.39 kún un, yóò di -0.13, èyí tí ó ṣì wà ní ìsàlẹ̀ 0.00. Ojú tí ó dára jù lọ tí òfin gbà kí a fi wò ó kò gbé e dé ìlà. Kọ̀ǹpútà ti ní ìdánilójú tí ó ń wá, ó sì dá ìdánwò dúró. Bí ó bá jẹ́ +0.52 ni ó wà ní àkókò kan náà, 85 náà ni ìdánwò rẹ̀ ìbá parí sí, ìbá sì ti yege. Ohun tí 85 ń sọ ni pé olùṣèdánwò jìnnà sí ìlà. Apá ibi tí ó jìnnà sí kò sí nínú nọ́ńbà náà.

Ẹnì kejì dé ìbéèrè kan náà pẹ̀lú 0.12. Bí a bá yọ 0.39 kúrò, ó di -0.27, bí a bá fi kún un, ó di 0.51. Ìlà wà láàárín méjèèjì, nítorí náà ìdánwò tẹ̀síwájú. Nígbà tí ó dé ìbéèrè 115, tí 100 nínú rẹ̀ ní máàkì, ìwọ̀n àìdánilójú ti sọ̀kalẹ̀ sí 0.20, àyè tí ó nílò sì ti di 0.33, ṣùgbọ́n ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.21. Kò tíì tó. Ní ìbéèrè 150, ìwọ̀n àìdánilójú jẹ́ nǹkan bí 0.17, àyè tí ó nílò jẹ́ 0.28, òun sì wà ní 0.09. Òfin àkọ́kọ́ kò lè dá ẹjọ́ náà rárá. Níbẹ̀ ni òfin kejì ti ń wọlé: bí ìbéèrè bá ti dé òpin, a kò ní béèrè ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́, a ó kàn wo ìfojúdíwọ̀n ìgbẹ̀yìn bóyá ó ga ju ìlà lọ. 0.09 ga ju 0.00 lọ. Ó yege.

Kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí ó máa dáhùn lọ títí ìdánilójú yóò fi dé? Nítorí ìdánilójú ń wọ́n gan-an fún ẹni tí ó bá wà lẹ́bàá ìlà. Kí ìwọ̀n àìdánilójú tó lè sọ̀kalẹ̀ sí ìdajì, iye ìbéèrè gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá fi 0.1 péré ga ju ìlà lọ yóò nílò ìbéèrè 1,089 nínú ìṣírò tí a ń lò yìí kí òfin àkọ́kọ́ tó lè dá a sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó ṣe é, bí ẹnì kan bá sì ṣe é, àárẹ̀ ni a ó máa wọ̀n ní ìparí, kì í ṣe ìmọ̀. Òpin 150 jẹ́ ìpinnu ènìyàn. Ohun tí a fi san fún un ni pé a lè ṣi ẹjọ́ àwọn tí wọ́n wà nítòsí ìlà dá ju ti àwọn yòókù lọ, kò sì sí ìdánwò kankan, ti orí ìwé tàbí ti kọ̀ǹpútà, tí ó bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé lẹ́yìn irú ìdánwò yìí tún ní ẹ̀ka mìíràn: iye tí olúkúlùkù rò pé òun gbà. Nínú ìbéèrè tí ó ní máàkì, ẹni àkọ́kọ́ gba nǹkan bí 35 nínú 70, ẹnì kejì gba nǹkan bí 68 nínú 135. Ìdajì ni ti àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí, nítorí kọ̀ǹpútà ń fún olúkúlùkù ní ìbéèrè tí ó ṣeé ṣe kí ó gba ìdajì rẹ̀. Líle àwọn ìbéèrè tí wọ́n gba ìdajì rẹ̀ ni ó yàtọ̀: ti ẹni àkọ́kọ́ wà ní agbègbè -0.5, ti ẹnì kejì wà ní agbègbè 0.1. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ́ lára láti gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún yóò jáde pẹ̀lú ìrònú pé òun kò mọ nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ ga.

Ìdí kan náà ni kò fi sí àyè láti padà sí ìbéèrè tí a ti dáhùn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹnì kan lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣi gbogbo rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa fún un ní ìbéèrè tí ó rọ̀, kí ó sì padà lọ tún gbogbo wọn ṣe ní ìparí. Ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ yóò wá dúró lórí ìbéèrè tí gbogbo rẹ̀ jìnnà sí i, tí ó sì gbà tán, èyí tí kò sọ fún wa ju pé ó ga ju wọ́n lọ.

Ibi tí mo ti rò pé ẹni tí ìdánwò rẹ̀ gùn wà nínú ewu gidi ni àkókò. Bí wákàtí márùn-ún bá pé kí ènìyàn tó dáhùn ìbéèrè 85, ó ti kùnà nìyẹn. Bí ó bá ti kọjá 85 ṣùgbọ́n tí kò tíì dé òpin, ìfojúdíwọ̀n tí ó wà nílẹ̀ láti inú ohun tí ó ti dáhùn ni wọn yóò fi wé ìlà. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ìjìyà fún ìbéèrè tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjìyà wà fún ìyára àìnírònú. Ká ní ẹnì kejì wo aago ní ìbéèrè 130, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohunkóhun kí ó lè dé 150, ìbéèrè 20 tí ó bá fi orí ìméfò dáhùn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àṣìṣe ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Bí ó bá gba 5 péré níbi tí à ń retí 10, ìdáhùn 5 tí ó pàdánù yóò fa ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 0.15, nítorí àpapọ̀ ohun tí ìbéèrè 135 mú wá jẹ́ nǹkan bí 34. Láti 0.09, yóò bọ́ sí -0.06. Ìbá kùnà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fara balẹ̀ ronú lórí ìbéèrè 130 náà ni àkókò fi tán, ìbá ti yege pẹ̀lú ohun tí ó ti ní lọ́wọ́.

Ẹni tí ó yege kì í rí máàkì kankan gbà, àfi ọ̀rọ̀ pé ó yege. Ẹni tí ó kùnà ń gba ìwé tí ó sọ fún un, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bóyá ó wà lókè ìlà, nítòsí rẹ̀ tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nínú ẹ̀ka kan lè má ju mẹ́fà tàbí méje lọ fún ẹni tí ó ṣe 85, nítorí náà ìwọ̀n àìdánilójú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lè tó 0.8, tí ó fi ju ìlọ́po mẹ́ta ti gbogbo ìdánwò lọ. Kí ẹni àkọ́kọ́ ka ìwé yẹn láti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ẹ̀ka kankan sílẹ̀ láìkà nítorí pé wọ́n kọ "nítòsí ìlà" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.